Ìlà Tí Ó Ní Kí N Má Yọ

Ẹ̀wà ni ìyàwó mi ń ṣà. Àwo pẹrẹsẹ wà lórí itan rẹ̀, awò ojú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí góńgó imú, ó ń fi ìka kan ti òkúta sápá kan, ó ń kó èyí tó dára sápá kejì. Èmi jókòó sẹ́bàá fèrèsé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń já gaara díẹ̀ nínú ilé wa ní Oníyanrìn. Mo gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì kékeré, mo ń ka ìwé ìbéèrè owó sí i létí.

Bí a ti máa ń ṣe é nìyẹn. Òun ló ni iṣẹ́, èmi ni mo ni gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe pé kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ni níléèwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, bí èmi náà ti ṣe. Ó kàn máa ń sọ pé gẹ̀ẹ́sì tòun, ti yàrá ìkàwé ni, ti àwọn olówó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò sọ ohun tó ní lọ́kàn ní Yorùbá, n óò kọ ọ́, n óò tún kà á fún un, yóò sì ní, "Kì í ṣe ohun tí mo sọ nìyẹn." A óò tún un kọ.

Iṣẹ́ ọ̀hún ni pé ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ilé-ìwé bọ́ lọ́wọ́ wọn ní aṣọ rírán, nínú yàrá ńlá ìsàlẹ̀ ilé wa. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí kankan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ló fi orúkọ àjọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó yan àwa olùdarí mélòó kan, ó fi èmi ṣe akọ̀wé. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àti ìrànlọ́wọ́ ìjọ wa ló fi kọ́ àwọn ọ̀wọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tí ìyẹn tán la bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí àwọn tó ń fi owó ran irú àjọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ̀ wá rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tí mo ń kà lọ́jọ́ náà ni a gbọ́kàn lé jù. Orúkọ ogún ọmọ ti wà nílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ wọ́n sínú ìwé, wọ́n ń retí.

Mo ka èròǹgbà: pé láàárín ọdún kan, a óò kọ́ ogún ọmọbìnrin ní aṣọ rírán, láti orí wíwọn dé orí àṣepé. Ó mi orí, kò gbójú sókè. Mo ka àbájáde. Ibẹ̀ ló ti dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ ní kí ni àbájáde?"

"Pé ogún ọmọ yóò mọ aṣọ rán."

"Bàbá wọn, iṣẹ́ tí a ṣe nìyẹn. Àbájáde ni ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ lẹ́yìn tí a ti ṣíwọ́ lára rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé bó bá pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n jáde, mẹ́rìnlá nínú wọn á máa jẹun nídìí ẹ̀rọ ara wọn."

"Kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo ogún?"

"Ẹlòmíì á lọ́kọ, ẹlòmíì á gba Èkó lọ, ẹlòmíì á ya ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ fún olówó."

Mo kọ mẹ́rìnlá. A bọ́ sí ibi owó. Lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan a ní láti ṣàlàyé ìdí tí a fi ń béèrè rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́wàá fún ogún ọmọ, nítorí pé bí ọ̀kan bá ń rán, ìkejì ń gé. Owó olùkọ́. Epo jẹnẹrétọ̀, nítorí iná mànàmáná tí kò ní ìgbà. Owó ọkọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo dé ìlà tó kẹ́yìn, owó fírídọ́ọ̀mù, ìyẹn ti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ aránṣọ ń tú ọmọ-iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì sọ pé ọkàn mi kò balẹ̀ sí i.

"Wọ́n á ní àríyá ni à ń fi owó wọn ṣe," ni mo wí. "Jẹ́ ká yọ ọ́."

Ó gbé àwo kúrò lórí itan. "Ṣé ẹ ti gbàgbé àwọn ti Molete ni?"

Mi ò gbàgbé. Nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, àwọn mẹ́ta pa owó pọ̀, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Molete. Ìwé-ẹ̀rí àjọ wa wà lára ògiri wọn, nínú gíláàsì. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ aránṣọ fi yà bá wọn, wọ́n béèrè ta ni ọ̀gá wọn, níbo ni wọ́n ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, ta ló ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn ọmọ nawọ́ sí gíláàsì. Ẹgbẹ́ tú orí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n kó o lọ. Ní ìlú wa, ẹni tó kọ́ṣẹ́ tí wọn kò tú sílẹ̀ lójú ẹgbẹ́ kò tíì kọ́ṣẹ́. Ìyàwó mi bẹ̀ títí kí wọ́n tó dá orí ẹ̀rọ padà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò sì padà sídìí iṣẹ́ mọ́. Ó ń ta káàdì fóònù.

"Mi ò bínú sí ẹgbẹ́," ni ó wí. "Èmi náà, kí n tó di tíṣà, ẹgbẹ́ yẹn ló tú mi sílẹ̀. Bí aránṣọ bá jó aṣọ oníbàárà, ta ni wọ́n á fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ẹgbẹ́ náà ni. Ẹni tí ẹgbẹ́ ò mọ̀, ta ni yóò gbé aṣọ ọdún rẹ̀ fún un? Bàbá wọn, ẹ má yọ ọ́ o. Bí wọ́n bá yọ gbogbo ìyókù, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

Ó gbé àwo padà sórí itan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ní orí ń fọ́ òun, òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ bó ṣe wí, mo sì lọ wò ó bóyá ó ti sùn. Kò sùn. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò já geere mọ́. Aládùúgbò wa kan fi ọkọ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti tán.

Ẹ̀wà tó ṣà ni wọ́n sè fún àwọn tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Wọ́n bu tèmi wá, mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí àwo pẹrẹsẹ náà tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, tí mo wá mọ ohun tí mo jẹ.

Àwọn ọmọ wa wá, wọ́n sì padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn. Ilé dákẹ́. Èmi tó máa ń ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé kìíní dé ìparí, mi ò lè ka ìpínrọ̀ kan tán. Mo máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé títí oúnjẹ tí wọ́n gbé wá á fi tutù. Ó ń rẹ̀ mí bí ẹni tó ru ẹrù, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan.

Inú ìyẹn ni lẹ́tà àwọn olówó bá mi. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n kí i dáadáa. Wọ́n ní ìwé wa ti wà lára àwọn díẹ̀ tó kù, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ àlàyé lórí ohun mẹ́ta: kí a fi iye tí oníṣòwò mẹ́ta ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ hàn wọ́n, kí a sọ ẹni tí yóò darí iṣẹ́ bí olùdarí kò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, kí a sì sọ ìdí tí a fi ń béèrè owó ayẹyẹ.

Mo ka ìbéèrè kejì léraléra.

Àkọ́kọ́ rọrùn. Olùkọ́ rírán wa, obìnrin kan tí ìyàwó mi fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, lọ sí Ọjà'ba, ó gba ìwé iye owó wá. Ìkejì, àwa olùdarí pàdé, a fi olùkọ́ yìí kan náà sípò, a bu ọwọ́ lu ìwé ìpinnu. Ìyẹn náà kò gba wákàtí kan. Ohun tí ẹnì kan fi gbogbo ọjọ́ ogbó rẹ̀ ṣe, wákàtí kan la fi gbé e fún ẹlòmíràn, nítorí pé ìwé ń dúró.

Ìkẹta ló kù. Mo pe ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bójú tó ìwé wa ní ọ́fíìsì àwọn olówó ní Àbújá. Ó kọ́kọ́ béèrè Màámi, bí wọ́n ti máa ń pe ìyàwó mi. Mo sọ fún un.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Dádì. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nípa ìlà yẹn, ìgbìmọ̀ wa kì í fọwọ́ sí owó ayẹyẹ, oúnjẹ àti ohun mímu. Ó wà nínú ìlànà. Bí ẹ bá yọ ọ́, mi ò rí ohun mìíràn tó lè dí i lọ́wọ́."

"Bí a kò bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ óò ṣàlàyé bó ṣe so mọ́ àbájáde, sà. Kí ó sì má jẹ́ ayẹyẹ. Ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke o. Mi ò lè sún un fún ẹnikẹ́ni."

Mo sọ ọ́ fún olùkọ́. Ó ń fi ọṣẹ gbígbẹ sàmì sára aṣọ, kò tilẹ̀ ronú kí ó tó dáhùn.

"Ẹ pè é ní owó ọkọ̀, Dádì."

"Bí wọ́n bá wá yẹ ìwé wò, rìsíìtì ọkọ̀ wo la óò fi hàn wọ́n?"

"Ibi tí gbogbo ayé ti ń gbà á." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára bo ẹnu, bí ẹni tó rántí pé ilé ọ̀fọ̀ lòun wà. "Màámi ì bá ti fi tépù lù mí."

"Yóò lù ọ́ dáadáa."

"Ṣùgbọ́n tòótọ́ ni mo ń sọ, sà. Bí a ò bá kúkú lè rọ́gbọ́n ẹ̀ dá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Ẹ̀rọ mẹ́wàá kì í ṣe kékeré. Ká gba ẹ̀rọ ná. Ti ẹgbẹ́, tó bá débẹ̀ a ó mọ̀ ọ́n."

Kò sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Ohun tí ẹni tó bá gbọ́n yóò ṣe nìyẹn. Mo gòkè lọ, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo pa ìlà náà rẹ́. Àpapọ̀ owó wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé, gbogbo rẹ̀ sì gún régé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bi wá mọ́. Mo padà wo òkè, níbi àbájáde. Mẹ́rìnlá nínú ogún, nídìí ẹ̀rọ ara wọn. Kò sí ohunkóhun nínú ìwé náà mọ́ tó lè gbé wọn débẹ̀. Mo dá ìlà náà padà, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo dùbúlẹ̀.

Ọjọ́rú ni ẹgbẹ́ aránṣọ ẹkùn wa ń ṣèpàdé, nínú gbọ̀ngán kékeré kan nísàlẹ̀ òkè Mápó. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn ènìyàn, wọ́n fún mi níjòkòó láìbéèrè ohunkóhun. Nígbà tí mo wọlé, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọkùnrin bíi mélòó kan jókòó sẹ́yìn. Ìyá Alága wọn, obìnrin tó sanra, tó so tépù mọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, mọ̀ mí láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Ọkọ Tíṣà, ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú àmúmọ́ra. Àbí ẹ fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ ni? A kì í gba àgbà tí ojú rẹ̀ ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Mo ṣàlàyé pé owó fírídọ́ọ̀mù tí Tíṣà kọ sínú ìwé pín sí méjì lójú mi. Apá kan ni owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò iṣẹ́ àti ìwé-ẹ̀rí ẹgbẹ́. Ìyẹn ni mo lè béèrè lọ́wọ́ olówó, nítorí pé láìsí i, ọmọ kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Apá kejì ni oúnjẹ àti mínírà ọjọ́ náà. Ìyẹn ni wọn kò ní san láéláé. Mo ní mo wá bẹ ẹgbẹ́ kí ó gbà á rù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé fún mi kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Ariwo ta.

"Ẹgbẹ́ kì í fi ẹnu gbígbẹ tú èèyàn sílẹ̀!"

"Ogún ọmọ! Kúlà mélòó nìyẹn?"

"Ṣé olówó Àbújá ló fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe fírídọ́ọ̀mù ni?"

Ìyá Alága na ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́. "Tíṣà ńkọ́? Kí ló wí nípa rẹ̀ kó tó lọ?"

"Ó ní kí n má yọ ọ́."

"Ẹ wá ń yọ ìlàjì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. "Mò ń yọ èyí tí mo lè yọ," ni mo wí, "kí ìyókù lè dúró. Bí òun bá wà, ó ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n ṣe ju báyìí lọ. Èmi nìkan ló kù."

Ìyá Alága bẹ̀rẹ̀ sí ká tépù mọ́ ìka, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín," ó yíjú sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. "Bí ọ̀gá bá kú kí ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó jáde, ta ló ń tú ọmọ náà sílẹ̀?"

"Ẹgbẹ́ ni," ni wọ́n dáhùn.

"Ta ló ń ra mínírà lọ́jọ́ náà?"

Bàbá kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn ló wá sọ ọ́ jáde, bí ẹni tí kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun ni yóò ti wá. "Ẹgbẹ́ náà ni. Wọn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tí ọ̀gá rẹ̀ kú."

"Àwọn ọmọ yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́!" obìnrin kan já lù ú. "Báwo ni wọ́n ṣe di ọmọ Tíṣà?"

Ìyá Alága wò mí. "Ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀?"

"Òun ni. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́."

"Ó parí. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n." Ó tún kọjú sí obìnrin náà. "Ìwọ ò ha ti gba aṣọ sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà tí o kò tíì gé rí? Ọrùn ta ni aṣọ ọ̀hún wà?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, obìnrin náà pẹ̀lú ń rẹ́rìn-ín, ó ń ju ọwọ́ nù. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rìn wá bẹ̀bẹ̀ fún ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ikú rẹ̀ ló gbà á fún mi. Bí ó bá wà láàyè, wọn ì bá gba kúlà àti mínírà lọ́wọ́ rẹ̀ pé pérépéré, ìlà náà ì bá sì bọ́. Mo di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú mi mú.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Bàbá," ni Ìyá Alága wí. Ó ti fi Ọkọ Tíṣà sílẹ̀. "Lọ́jọ́ tí a bá ń tú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ará ilé ọ̀gá ló ń gbé sísọ́ọ̀sì ọ̀gá wá. Òun la ó fi lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin gan-an la fẹ́ rí."

Mo ní n óò gbé e wá.

Akọ̀wé wọn kọ lẹ́tà náà lójú mi, ó lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ mọ́ ọn. Ìyá Alága ní kí ọlọ́kadà gbé mi dé Oníyanrìn, ó sì kìlọ̀ fún un pé bó bá fi mí sọ kòtò, kò ní rí ẹni rán ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Mápó.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo jókòó sí i. Mo tú ìlà kan ṣoṣo náà sí méjì. Mo kọ ìforúkọsílẹ̀, ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí sábẹ́ ohun tí à ń béèrè, iye tí ẹnì kan ń san, ní ọ̀nà ogún. Mo kọ oúnjẹ àti ohun mímu sábẹ́ ohun tí àwọn ará àdúgbò ń dá síṣẹ́ náà, mo so lẹ́tà ẹgbẹ́ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ó ṣòro fún mi. N óò kọ gbólóhùn kan, n óò dúró, bí ẹni ń retí kí wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Nísàlẹ̀, olùkọ́ ń rán nǹkan, ẹ̀rọ ń dún, ó ń dákẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ àwọn ti Molete, mo kọ pé wọ́n tú orí ẹ̀rọ wọn. Mo kọ pé ẹgbẹ́ ló ń ṣe onídùúró fún aránṣọ lọ́dọ̀ oníbàárà, òun ló ń dájọ́ bí aṣọ bá bàjẹ́, nítorí náà owó yìí kì í ṣe owó ayẹyẹ, òun ni ilẹ̀kùn tí ọmọ yóò gbà bọ́ sídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Mo kọ pé bí a bá yọ ọ́, a ó ní ogún ọmọ tó mọ aṣọ rán, a kò sì ní ní àbájáde.

Inú mi wú díẹ̀ sí gbólóhùn yẹn. Bóyá ìyẹn ló fà á tí mo fi gòkè lọ síbi àbájáde. Mo rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ ti wà lẹ́yìn wa báyìí, tí ìgbìmọ̀ sì ń ṣiyèméjì, nọ́ńbà tó tóbi ju mẹ́rìnlá lọ yóò mú wọn lọ́kàn. Mo pa mẹ́rìnlá rẹ́. Mo kọ ogún.

Mo wò ó títí. Ẹlòmíì á lọ́kọ, ẹlòmíì á gba Èkó lọ.

Mo dá a padà sí mẹ́rìnlá, mo sì fi ìwé náà ránṣẹ́.